Ta Ni Ó Tẹ́wọ́ Gba Ẹ̀rọ Gaari? Ọ̀rọ̀ lórí Kíkọ Ìsọníṣókí Àbá Ìwádìí

Ohun tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò kì í gùn ju ojú ìwé kan lọ, síbẹ̀ ojú ìwé kan náà ni ó ń dá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún oṣù mélòó kan. Òun ni ìsọníṣókí àbá ìwádìí.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ó ní láti kọ ìwé kan tí yóò fi sọ ohun tí ó fẹ́ wádìí, ibi tí yóò ti wádìí rẹ̀ àti ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é. Ìwé yẹn ni à ń pè ní àbá ìwádìí. Ìsọníṣókí ni ìpínrọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀, tí ó sábà máa ń wà láàárín ọ̀rọ̀ 200 sí 300. Òun ni àwọn tí ó fẹ́ yẹ àbá náà wò máa ń kọ́kọ́ kà, ó sì lè jẹ́ pé òun nìkan ni àwọn mìíràn nínú wọn yóò kà tán. Bí ó bá dojú rú, ojú rírú náà ni wọn yóò fi ka gbogbo ìyókù.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà di ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, mo ti mú kókó kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ fẹ́ràn púpọ̀: àwọn ohun èlò ìgbàlódé tí àwọn obìnrin ìgbèríko tẹ́wọ́ gbà fún ṣíṣe ẹ̀gẹ́. Mo sì ti kọ ìsọníṣókí kan fúnra mi, tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó lè jọ irú èyí tí ó máa ń dé iwájú wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí i.

“Ẹ̀gẹ́ jẹ́ oúnjẹ pàtàkì ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn Pọtogí ni ó gbé e wá láti ilẹ̀ Bùràsíìlì. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni ó ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Àwọn obìnrin ìgbèríko ń kó ipa ribiribi nínú ṣíṣe ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n ń lò. Ìwádìí yìí yóò wo bí àwọn obìnrin ìgbèríko ṣe tẹ́wọ́ gba ìmọ̀-ẹ̀rọ ìgbàlódé fún ṣíṣe ẹ̀gẹ́, àti ipa tí ó ní lórí ìgbésí-ayé wọn. A ó lo ìwé ìbéèrè láti gba èsì lẹ́nu wọn. Ìwádìí náà yóò fi hàn pé àwọn tí ó tẹ́wọ́ gba ìmọ̀-ẹ̀rọ ń jèrè ju àwọn tí kò gbà á lọ, yóò sì ran ìjọba lọ́wọ́.”

Ẹ ó rí i pé kò sí irọ́ ńlá kan nínú àkọsílẹ̀ yìí. Èdè rẹ̀ já gaara. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà máa ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ó bá dé abúlé, ẹ kò ní rí èsì fún un. Gbólóhùn méje ni ó kọ. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó fẹ́ yẹ àbá wò ti mọ̀ kí ó tó jókòó. Ìkẹrin nínú wọn tilẹ̀ ba ìkarùn-ún jẹ́: ó ní ọ̀nà àtijọ́ ni àwọn obìnrin ń lò, lẹ́yìn náà ni ó wá ní òun fẹ́ lọ wo bí wọ́n ṣe tẹ́wọ́ gba ti ìgbàlódé. Bí ó bá ti mọ ohun tí wọ́n ń lò, kí ni ó tún fẹ́ lọ bèèrè?

Àìsàn tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń lò láì tíì tú wọn: ìmọ̀-ẹ̀rọ, ìtẹ́wọ́gbà, àti obìnrin ìgbèríko. Ẹ jẹ́ kí á tú wọn níkọ̀ọ̀kan. Bí a bá ti tú wọn tán, ìsọníṣókí náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀-ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní ibùdó gaari rí mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan. A ó bó èèpo ẹ̀gẹ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín, a ó dà á sínú àpò kí ó kan kí omi rẹ̀ sì fún jáde, a ó fọ́ ọ kí á sì jọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni a ó yan án nínú agbada. Nǹkan ìgbàlódé kò dé ibi gbogbo wọ̀nyí lọ́nà kan náà. Níbi bíbó, ọ̀bẹ ni ó ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin, nítorí pé ẹ̀gẹ́ kì í dọ́gba, ẹ̀rọ tí ó fẹ́ bó èyí tí ó wọ́ yóò gé ara èyí tí ó tọ́ dànù. Níbi rírin, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Páànù tí a fi ìṣó lu ihò sí lára ni àwọn ìyá wa fi ń rin ẹ̀gẹ́, tí ó sì ń bó wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí ó ń mu epo ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ páànù ní ibi púpọ̀.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan pé, “Ẹ ǹjẹ́ ẹ ń lo ìmọ̀-ẹ̀rọ ìgbàlódé?”, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí obìnrin náà dáhùn pọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ fún bíbó, bẹ́ẹ̀ ni fún rírin, ó kù síbi ti fífún omi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn yóò kó ọgọ́rùn-ún ìwé ìbéèrè délé, kò sì ní mọ ohun tí ó wà nínú wọn. Ohun tí ìsọníṣókí nílò níbí ni kí ó dárúkọ ohun èlò tí ó fẹ́ wò, kí wọ́n má sì ju mẹ́ta lọ.

Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí fífún omi, nítorí ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń ṣi obìnrin gbọ́. Ọ̀nà tí ó ti pẹ́ ni kí á gbé òkúta ńlá lé àpò ẹ̀gẹ́ rírin, tàbí kí á fi igi méjì àti okùn fún un. Ọjọ́ méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni àpò yóò fi wà lábẹ́ òkúta. Jáàkì, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń gbé ọkọ̀, tí a wá fi irin ṣe férémù fún, lè fún omi àpò kan náà láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà yóò sọ pé obìnrin tí kò lo jáàkì kò fẹ́ ìtẹ̀síwájú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni òkúta yẹn ń ṣe pọ̀. Bí omi ti ń fún lọ ni ẹ̀gẹ́ ń kan lọ, kíkan yẹn ni ó sì ń fún gaari ní adùn tí àwọn tí ó fẹ́ràn gaari Ìjẹ̀bú ń wá.

Ọ̀rọ̀ ìlera tún wà nínú rẹ̀. Oró kan wà nínú ẹ̀gẹ́, pàápàá nínú èyí tí ó korò, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sáyánáìdì. Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, ara rẹ̀ fọ́, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú oró náà sílẹ̀. Díẹ̀ bá omi lọ nígbà tí a bá ń fún un, díẹ̀ sì bá èéfín lọ nígbà tí a bá ń yan án. Ìtúsílẹ̀ yìí ń fẹ́ àkókò. Obìnrin tí ó bá sọ pé òun kì í kánjú fún gaari ń sọ ohun tí ó ní ìdí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí ilé-ẹ̀kọ́ fún un. Ó sì lè jẹ́ obìnrin kan náà ni yóò jẹ́ kí àpò kan fún ọjọ́ mẹ́ta, tí yóò wá fi jáàkì fún un ní ọjọ́ kẹrin. Ṣé ó tẹ́wọ́ gba jáàkì ni àbí kò gbà á? Ó gbà á, ṣùgbọ́n ó fi sí ipò tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ “ọ̀nà àtijọ́” sínú ìsọníṣókí. Kí ó kọ “òkúta”, kí ó kọ “jáàkì”. Ẹni tí ó bá ń kà á yóò mọ ohun tí ó rí.

Ó tó àkókò kí á dé orí ọ̀rọ̀ kejì, èyí tí ó le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ìtẹ́wọ́gbà. Ọ̀mọ̀wé Ámẹ́ríkà kan, Everett Rogers, kọ ìwé kan ní ọdún 1962 lórí bí ohun tuntun ṣe ń tàn ká láàárín àwọn ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń kọ́ nípa ìmọ̀ ìgbòòrò iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó sì ń tọ ipa rẹ̀ títí di òní. Lójú tirẹ̀, ìtẹ́wọ́gbà jẹ́ ìpinnu láti lo ohun tuntun ní kíkún, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó dára jù lọ tí ó wà ní àrọ́wọ́tó ènìyàn. Ó tún kọ́ wa pé ẹni tí ó bá gba nǹkan lè padà fi í sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé lílò ni ó wí. Kò sọ pé dandan ni kí ènìyàn jẹ́ olówó ohun náà.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ojú inú wo abúlé kan tí obìnrin 30 ti ń ṣe gaari tà. Méjì nínú wọn ni ó ní ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́. Mọ́kànlélógún ń gbé ẹ̀gẹ́ wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ, wọ́n ń sanwó fún un, wọ́n sì ń gbé e padà. Mẹ́rin ti lò ó rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti padà sí orí páànù. Mẹ́ta kò lò ó rí láéláé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 30.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dé abúlé yìí, tí ó sì ka àwọn tí ó ní ẹ̀rọ nìkan, yóò kọ ọ́ pé obìnrin 2 nínú 30 ni ó tẹ́wọ́ gba ẹ̀rọ, èyí tí ó jẹ́ bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Yóò ní àwọn obìnrin kọ ẹ̀rọ, kí ìjọba lọ là wọ́n lóye. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kejì bá ka àwọn tí ó ń lò ó lọ́wọ́lọ́wọ́, yóò rí 23, bí 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Yóò ní ọ̀rọ̀ ti tán, ẹ̀rọ ti tàn ká. Bí ẹ̀kẹta bá béèrè bóyá wọ́n ti lò ó rí, yóò rí 27, tí ó jẹ́ 90 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn mẹ́rin tí ó ti dáwọ́ dúró yóò sì pòórá mọ́ wọn lójú. Abúlé kan, obìnrin kan náà, ìròyìn mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Àìtú ọ̀rọ̀ kan ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Níbi púpọ̀, ọkùnrin ni ó ni ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin ń sanwó lé lórí. Bí a bá kọ “àwọn obìnrin tẹ́wọ́ gba ẹ̀rọ” láì fi kún un pé wọ́n ń sanwó ni, a ti fi owó tí ó ń jáde lápò wọn pamọ́. Bí ẹnìkan bá wá fẹ́ ran abúlé náà lọ́wọ́, tí ó sì gbé ẹ̀rọ kejì lé ọkùnrin kan náà lọ́wọ́, ìwádìí wa ni ó tọ́ka ọ̀nà yẹn sí i.

Àwọn mẹ́rin tí ó padà sí orí páànù ńkọ́? Àwọn gan-an ni ó ní ẹ̀kọ́ jù lọ láti kọ́ wa. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ bàjẹ́, tí kò sí ohun èlò láti fi tún un ṣe. Ó lè jẹ́ pé owó rírin ni ó pọ̀ jù fún wọn. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ fòpin sí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó epo fò sókè, ẹlẹ́rọ tí ó ń ra epo náà kò sì lè ṣe kí ó má fi kún owó tí ó ń gbà. Obìnrin tí ó ń rin agbọ̀n kékeré kan lọ́sẹ̀ lè wò ó pé èrè òun ti lọ sínú ẹ̀rọ. Kò kọ ẹ̀rọ. Ìṣirò ni ó ṣe. Ìwádìí tí kò bá ya “kò lò ó rí” sọ́tọ̀ kúrò lára “ó lò ó, ó sì fi í sílẹ̀” kò ní rí obìnrin yìí rárá.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe ni kí ẹ pín ìdáhùn sí ọ̀nà mẹ́rin fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan: kò lò ó rí, ó lò ó rí ṣùgbọ́n ó ti dáwọ́ dúró, ó ń lò ó pẹ̀lú owó sísan, ó ń lo tirẹ̀, yálà òun nìkan ni ó ni ín tàbí òun àti ẹgbẹ́. Kí ẹ sì fi àkókò sí i. Ẹ má ṣe bèèrè pé, “Ṣé ẹ máa ń lo jáàkì, Mà?” Ìyá tí ó bá rí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ yóò fẹ́ fún un ní èsì tí yóò dùn mọ́ ọn. Ẹ bèèrè báyìí pé, “Ìyá, gaari mẹ́ta tí ẹ ṣe kẹ́yìn, kí ni ẹ fi fún omi wọn?” Ohun tí ènìyàn ṣe lọ́sẹ̀ tí ó kọjá rọrùn láti rántí, ó sì ṣòro láti fi ṣe ojú ayé.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni obìnrin ìgbèríko. Ní abúlé kan náà, obìnrin kan wà tí ó ń ṣe gaari tí ilé rẹ̀ yóò jẹ nìkan. Ẹlòmíràn ń ra ẹ̀gẹ́ lódidi oko, ó ń ṣe é tà fún àwọn alájàpá. Ẹ̀kẹta kò ní ẹ̀gẹ́ kankan. Owó bíbó tàbí owó yíyan ni ó ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò sí bí àwọn mẹ́ta yìí ṣe lè dáhùn ìbéèrè nípa ẹ̀rọ bákan náà. Ẹni tí ó ń gba owó bíbó kì í ṣe òun ni yóò pinnu ọ̀nà tí a ó gbà rin ẹ̀gẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní láti kó gbogbo wọn pọ̀. Kí ó yan irú kan, kí ó sì sọ ọ́ nínú ìsọníṣókí rẹ̀: “àwọn obìnrin tí ó ń ṣe gaari tà”. Ọ̀rọ̀ mélòó kan yẹn ti lé ìdajì àríyànjiyàn lọ.

Bí a ti tú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, ó ku ọ̀nà tí a ó gbà ṣe ìwádìí. “A ó lo ìwé ìbéèrè” kò tó. Ẹni tí ó ń kà á fẹ́ mọ iye ènìyàn tí a ó bá sọ̀rọ̀ àti bí a ó ṣe yàn wọ́n. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Àfijió ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí ó bá lọ sí kìkì abúlé tí ẹ̀rọ wà, gbogbo ènìyàn ni yóò dà bí ẹni tí ó tẹ́wọ́ gbà. Ó dára kí ó kọ orúkọ àwọn abúlé tí ẹ̀rọ wà sí apá kan, kí ó kọ ti àwọn tí obìnrin ibẹ̀ ní láti gbé ẹ̀gẹ́ lọ sí ibòmíràn sí apá kejì, kí ó wá fi kèké mú mẹ́ta mẹ́ta. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, òun àti olórí àwọn oníṣòwò gaari yóò jọ kọ orúkọ gbogbo obìnrin tí ó ń ṣe gaari tà, yóò sì tún fi kèké mú 20. Abúlé 6, obìnrin 20 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 120. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ṣe iye yìí tán láàárín oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, bí kò bá jẹ́ ọjọ́ ọjà ni ó ń lọ.

Ohun tí ó kù ni ìlérí. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìwádìí náà “yóò fi hàn pé” àwọn tí ó gba ẹ̀rọ ń jèrè jù. Àṣìṣe méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, ó ti mọ èsì kí ó tó lọ. Àbá kì í ní èsì; ìbéèrè ni ó ń ní. Èkejì, ìwádìí tí a bá ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè sọ èyí tí ó ṣáájú. Bí a bá rí i pé àwọn tí ó ń lo jáàkì lówó ju àwọn tí ó ń lo òkúta lọ, ṣé jáàkì ni ó sọ wọ́n di olówó, tàbí owó wọn ni ó jẹ́ kí wọ́n lè ra jáàkì? Ìwé ìbéèrè ọjọ́ kan kò lè dá ẹjọ́ yẹn. Nítorí náà ni mo fi ní kí ẹ yọ “ipa lórí ìgbésí-ayé wọn” kúrò. Ẹ fi èyí tí ẹ lè dáhùn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n ka ìsọníṣókí kejì fún yín, lẹ́yìn tí a ti tún un kọ.

“Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ àti jáàkì ìfún-omi ti dé ọ̀pọ̀ ibùdó gaari, ṣùgbọ́n kíka àwọn tí ó ní wọn nìkan kò lè sọ iye obìnrin tí ó ń sanwó lò wọ́n, tàbí ìdí tí àwọn kan fi lò wọ́n tí wọ́n sì dáwọ́ dúró. Ìwádìí yìí yóò ṣe àyẹ̀wò bí àwọn obìnrin tí ó ń ṣe gaari tà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àfijió, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣe ń lo ohun èlò mẹ́ta: ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́, jáàkì, àti ààrò ìyangaari tí ó ní ihò èéfín. A ó béèrè pé: ipò wo ni obìnrin kọ̀ọ̀kan wà lórí ohun èlò kọ̀ọ̀kan, nínú àìlòrí, ìdáwọ́dúró, ìsanwólò àti ìlo-tẹni? Ta ni ó ni ohun èlò náà, èló sì ni obìnrin ń san? Kí ni ìdí tí àwọn tí ó dáwọ́ dúró fi ṣe bẹ́ẹ̀? A ó fi kèké yan abúlé mẹ́ta tí ẹ̀rọ wà àti mẹ́ta tí kò sí, a ó sì fi kèké yan obìnrin 20 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 120. A ó bi wọ́n ní ìbéèrè ní èdè Yorùbá nípa gaari mẹ́ta tí wọ́n ṣe kẹ́yìn. A ó ṣe ìṣirò iye tí ó wà ní ipò kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, a ó sì wò ó bóyá jíjìnnà sí ẹ̀rọ àti ìwọ̀n gaari tí obìnrin ń ṣe lọ́sẹ̀ bá ipò tí ó wà rìn. Èsì rẹ̀ yóò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbòòrò iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ̀ bóyá àìní ẹ̀rọ, owó lílò rẹ̀ tàbí àìbáṣẹ́mu rẹ̀ ni ìdíwọ́.”

Àkọsílẹ̀ kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì wà láàárín iye ọ̀rọ̀ tí a gbà láyè. Gbólóhùn kan péré ni ó fi sọ ìṣòro náà. Kò sí Pọtogí nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò wá wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ nípa iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe ń wo iwájú: a ó béèrè, a ó yan, a ó wò ó. Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn kò ṣèlérí pé ìjọba yóò ṣe ohunkóhun. Ó sọ ẹni tí èsì lè wúlò fún, àti ìpinnu tí ó lè bá a ṣe.

Èmi fúnra mi kò ní sọ pé kò lábùkù. Bí a bá pín obìnrin 120 sí ipò mẹ́rin, tí a sì tún pín wọn sí àwọn tí ó sún mọ́ ẹ̀rọ àti àwọn tí ó jìnnà, ipò kan lè ní ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré nínú. Ìṣirò kò lè dúró lórí iye kékeré bẹ́ẹ̀. Nígbà náà akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní láti da ipò méjì pọ̀, bí àpẹẹrẹ, kí ó da àwọn tí ó ń sanwó àti àwọn tí ó ń lo tiwọn pọ̀ sábẹ́ “ó ń lò ó”, kí ó sì sọ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Bákan náà, abúlé mẹ́fà ní Àfijió kò lè gbẹnu sọ fún gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ká má tíì sọ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ìdí nìyí tí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà fi wà nínú ìsọníṣókí. Kò ní jẹ́ kí á jẹ ju ẹnu wa lọ.

Kí n tó dákẹ́, ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà dán ìsọníṣókí akẹ́kọ̀ọ́ yín wò láìsí wàhálà. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, kí ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá bi í pé: Ohun èlò wo? Àwọn obìnrin wo? Níbo? Ènìyàn mélòó, báwo ni a sì ṣe yàn wọ́n? Kí ni yóò jẹ́ kí á ka ẹnìkan sí ẹni tí ó tẹ́wọ́ gbà á? Bí ó bá dáhùn márààrún, ìsọníṣókí náà ti ṣe tán. Bí ó bá kọsẹ̀ níbi ìkarùn-ún, ibẹ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ yín padà sí. Ibẹ̀ ni obìnrin mẹ́rin tí ó padà sí orí páànù wà, tí wọ́n ń dúró kí ẹnìkan bi wọ́n léèrè.